Àǹtí Dídán àti Irun Aláwọ̀ Oyin

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2023, onírun kan tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Àǹtí Dídán fọ gílọ́ọ̀sì, ìyẹn èròjà tó ń mú irun dán, tí òun fúnra rẹ̀ pò, kúrò lórí obìnrin kan kí àkókò rẹ̀ tó pé, ó sì gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Ọjọ́ náà kò ṣeé jiyàn lé lórí, torí pé obìnrin tí wọ́n fọ orí rẹ̀ yìí ló ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wo fídíò rẹ̀. Irun rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ oyin, ó sì ń dán.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa Àǹtí Dídán dà bí àsọdùn. Wọ́n ní kí èèyàn ṣáà ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á ti mọ dáì tó wà lórí onítọ̀hún, á mọ ìgbà tó kùn ún, á sì mọ̀ bóyá omi gbígbóná ló fi ń fọ̀ ọ́. Mo lọ síbẹ̀ láti rí i bóyá irọ́ ni. Ìyàlẹ́nu ni pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ojú òun ti tan òun jẹ fún nǹkan bí ọdún méjì.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta, láàárín ilé oògùn àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Àga mẹ́ta, agbada ìfọrun méjì, dígí gbọọrọ kan. Àga tó sún mọ́ fèrèsé jù ni Àǹtí Dídán máa ń lò, torí oòrùn kì í wọlé tààrà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ nìkan ló ń wọlé. Kò fọkàn tán gílóòbù. Ó ní gílóòbù a máa pọ́nni lé.

Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà sì yá. Ọ̀pọ̀ onírun tó wà ládùúgbò yẹn ló ń kun dáì. Àárín dáì méjì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí obìnrin kan bá kun irun, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni àwọ̀ náà fi ń dùn ún wò. Oòrùn á pa á, ṣampú á fọ̀ ọ́, irin gbígbóná á jó o. Irun tó dà bí oyin á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìpẹtà. Obìnrin náà á sì sáré padà wá pé kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kùn.

“Mo máa ń bi wọ́n léèrè,” ó sọ fún mi, “ṣé gbogbo ìgbà tí aṣọ yín bá rún lẹ ń gbé e padà lọ fún télọ̀? Dáì ni rírán. Gílọ́ọ̀sì ni lílọ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n lọ̀ ọ́ fún yín.”

Mo bi onírun mìíràn, tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, bóyá òótọ́ ni. Ó gbà pé òótọ́ ni. Dáì gidi máa ń wọnú irun lọ, ó ń yí àwọ̀ tó bá níbẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ń kùn ún léraléra láti gbòǹgbò dé ṣónṣó, ṣónṣó irun á ṣókùnkùn, á gbẹ, á sì máa já. Irun tuntun tó hù nígbòǹgbò nìkan ló nílò dáì. Gílọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kò lè sọ irun dúdú di fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ tín-ín-rín kan ló ń fi lé irun, ó sì ń mú kí ara irun náà jọ̀lọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa tàn lára rẹ̀. Fífọ̀ ló ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Láàárín oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀, ó ti lọ tán.

Mo jókòó tì í ní òwúrọ̀ kan. Ó kọ́kọ́ fọ orí oníbàárà, ó fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi kúrò lára irun, kò jẹ́ kó gbẹ. Inú irun tó tutù níwọ̀nba ló ń fi gílọ́ọ̀sì sí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá òkè, ó fi ṣónṣó irun sílẹ̀ dìgbà ìkẹyìn. Mo béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣónṣó ti gbó,” ó fèsì. “Ihò ti pọ̀ lára ẹ̀. Ohunkóhun tó o bá fún un, kíá ló máa gbé e mì. Tó o bá fi bẹ̀rẹ̀, á ti yó kí àwọn tó kù tó jẹun.”

Obìnrin tó jókòó lórí àga rẹ́rìn-ín. “Bí àbúrò ọkọ mi gẹ́lẹ́.”

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu ìdì irun kékeré kan mọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ kó gbẹ, ó ń wò ó. Ó ní irun tútù a máa dúdú ju bó ṣe rí lọ, ẹni tó bá wo irun tútù tó sì gbà á gbọ́ ti gba irọ́ gbọ́. Wíwò yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí irun bá pọ́n bí ìyeyè jù, àwọ̀ àlùkò ló ń pa á. Bó bá pọ́n bí ọsàn, àwọ̀ aró ló ń pa á. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Ṣùgbọ́n bí àlùkò bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe ìpọ́n nìkan ló máa pa, ó máa pa oyin náà pẹ̀lú, irun á sì di eérú. Ẹni tó ń pò ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìpọ́n ti parí, tí oyin ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwọ̀n tó lè sọ ìyẹn fún un. Ojú ni.

Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí àga kejì. Ìkejì ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ti ń bá Àǹtí Dídán ṣiṣẹ́ tipẹ́, kò sì sí ohun tí kì í fi í ṣẹ̀fẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Rọ́bà gílọ́ọ̀sì aláwọ̀ àlùkò ń tètè tán. Tẹ́lẹ̀, aláwọ̀ wúrà ló máa ń kọ́kọ́ tán nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ ń mu àlùkò yìí ni?” ó bi í lọ́jọ́ kan.

“Irun àwọn èèyàn ló ń pọ́n jù báyìí,” Àǹtí Dídán dá a lóhùn. “Oòrùn ti le.”

Ìkejì ò sọ nǹkan kan mọ́. Mo bi í ìdí tó fi dákẹ́. Ó wò mí bí ẹni wo aláìmọ̀kan. “Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú? Kí n wá sọ fún un pé kò ríran?”

Oníbàárà tọ́rọ̀ náà dé bá ni akàròyìn tẹlifíṣọ̀n tí mo mẹ́nu bà. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún nígbà náà, irun aláwọ̀ oyin yìí làwọn tó ń wò ó fi ń dá a mọ̀. Dáì nígbòǹgbò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan, gílọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín wọn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, ayakámẹ́rà ibi iṣẹ́ rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ṣé irun yín ń ṣọ̀fọ̀ ni?” Gbogbo yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó fa ìdì irun kan síwájú fèrèsé, ó sì rí i pé eérú ni.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́.

“Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní irun mi ti kú.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ayakámẹ́rà.”

“Ayakámẹ́rà! Ṣé òun náà ti di onírun? Iná ibi iṣẹ́ yín ni. Jókòó, jẹ́ n wò ó.” Ó gbé irun náà sójú fèrèsé. “Báwo ló ṣe kú? Ó tilẹ̀ ń pọ́n. Wò ó. Ó ti ń pọ́n lọ bí epo.”

Akàròyìn wo Ìkejì nínú dígí. Ìkejì wo ilẹ̀.

Àǹtí Dídán po gílọ́ọ̀sì, àlùkò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó fọ orí, ó tẹ omi kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó nu ìdì irun kékeré kan láti wò ó. Ìkejì dúró sẹ́yìn rẹ̀.

“Ọ̀gá, ó jọ pé ó ti tó.”

“Kò tíì tó. Ìpọ́n ṣì wà níbẹ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ dákun. Kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Ó nawọ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n fún òun ní táwẹ́ẹ̀lì mìíràn tó mọ́. Ìkejì gbé ọ̀kan fún un. Àǹtí Dídán wò ó, ó sì sọ ọ́ sórí agbada.

“Mo ní tó mọ́! Ta ló fi táwẹ́ẹ̀lì tó ti pọ́n síbí? Ṣé ẹ fi aṣọ pupa fọ̀ ọ́ ni?”

Táwẹ́ẹ̀lì náà tuntun ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ìkejì tú u jáde nínú ọ̀rá, owú funfun báláú ni, àkọlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì wà létí rẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ fún mi pé ó mú un padà láti orí agbada, ó gbé e sójú fèrèsé, ó fọwọ́ kan àkọlé náà. Akàròyìn ní òun rí i nínú dígí pé ojú rẹ̀ yí padà. Ìkejì ní kò pẹ́ rárá. Ó gbé táwẹ́ẹ̀lì kalẹ̀, ó fa akàròyìn dìde síbi agbada, ó ṣí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Kò sunkún, kò ṣàlàyé. Nígbà tó parí, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì lé Ìkejì lọ́wọ́.

“Wá parí ẹ̀. Mo máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Ohun tó o bá rí ni kó o sọ. Má bọ̀wọ̀ fún mi rárá.”

“Ọ̀gá...”

“Mo ní kí ló wà níbẹ̀?”

Ìkejì gbé ohùn sílẹ̀. “Eérú, ma. Láti àárín dé ṣónṣó. Ó ti pẹ́ díẹ̀.”

“O ṣeun,” Àǹtí Dídán sọ. Ó wá yíjú sí akàròyìn. “Àbúrò mi, èmi ni mo bà á jẹ́, kì í ṣe iná. Ẹ̀mí oyin tó kù níbẹ̀, a máa gbé e dìde. Má bẹ̀rù.”

Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé obìnrin yìí yàtọ̀ nìyí. Òun kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kò lọ. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó ń béèrè, Ìkejì ń dáhùn. Wọ́n fi ṣampú líle tó ń ṣí àwọ̀ kúrò fọ irun náà, torí pé gílọ́ọ̀sì kì í ṣe dáì, fífọ̀ ń dín in kù. Ṣé ó ti ń ṣí? Ó ti ń ṣí. Ṣé ó dà bí iyanrìn tó gbẹ tàbí iyanrìn tútù? Ó dà bíi tútù. Tún un fọ̀. Báyìí ńkọ́? Gbígbẹ. Ó ní kí Ìkejì po gílọ́ọ̀sì aláwọ̀ wúrà, kí àlùkò má dé ibẹ̀ rárá, kó fi sí àárín irun kó sì mú un lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó kan ṣónṣó, ó ní kó fi gílọ́ọ̀sì tí kò ní àwọ̀ kankan là á, kó má baà gbé wúrà mì jù kó wá pọ́n. Ní apá òkè tí kò tíì bàjẹ́, èyí tí kò láwọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n lò, fún dídán.

Irun náà bọ́ sí oyin. Mo ti sọ pé mo wo fídíò rẹ̀.

Dókítà ojú tí Àǹtí Dídán lọ bá kọ̀ láti bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èyí sì tọ́. Ó ṣàlàyé fún mi ní gbogbogbòò pé dígí kan wà nínú ojú èèyàn, pé bí ọjọ́ orí bá ń lọ, dígí náà lè máa pọ́n kó sì máa ṣú. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀, ẹni náà kì í mọ̀. Ó dà bí ẹni tó wọ awò aláwọ̀ ìyeyè tó ti gbàgbé pé òun wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ló ń mú un kúrò, ojú kan kọ́kọ́, èkejì tẹ̀lé e.

Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé mi. Ohun tó ń rí pọ́n ju bó ṣe wà lọ, ó ń fi àlùkò pa ìpọ́n tí kò sí. Bí oníbàárà bá sì ti ń padà wá, ó ń fi òmíràn lé e.

Ẹ̀rù bà á. Kò fi pa mọ́. “Bí wọ́n bá gé mi lọ́wọ́ kan, mo lè fi èkejì po nǹkan,” ó sọ. “Bí wọ́n bá ba ojú jẹ́ ńkọ́? Kí ni mo tún wá jẹ́? Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe, kò sì sí èyí tó wù mí.”

Ẹlòmíràn ì bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, á ní òun rìnrìn àjò, á ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní bòókẹ́lẹ́. Ó kọ̀. Kó tó lọ, ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, ó sì sọ fún wọn pé ojú òun ò ríran dáadáa, pé àwọn tí irun wọn bá ti di eérú kí wọ́n wá, Ìkejì á tún un ṣe. Mo rò pé ó ń fẹ́ iyì ni. Mo wá àwọn oníbàárà mélòó kan rí. Òótọ́ ló pè wọ́n. Obìnrin kan tó ń ta ìwé sọ fún mi pé òun ò padà síbẹ̀ mọ́, òun ti rí onírun mìíràn. “Àánú ẹ̀ ṣe mí,” ó ní, “ṣùgbọ́n orí mi ni.” Àwọn tó pọ̀ jù padà wá.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n gbà á láyè láti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ewú pọ̀ lórí rẹ̀, kì í sì í kun dáì sí i. Gílọ́ọ̀sì nìkan ló ń ṣe. Gílọ́ọ̀sì kì í bo ewú pátá, àwọ̀ díẹ̀ ló ń fún un kó lè bá irun tó kù rẹ́. Láti ọdún méjì sẹ́yìn, eérú aláwọ̀ àlùkò fífẹ́ẹ́rẹ́ ni ewú náà, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.

Àǹtí Dídán fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó fi òsì tí wọn ò tíì ṣe wo irun náà. Ó yí i padà, ó bo òsì, ó fi ọ̀tún wò ó. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́.

“Kí lo ń ṣe bí ọmọdé?” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

“Ojú òsì yìí ní fàdákà ni. Ojú ọ̀tún yìí ní àlùkò ni.” Ó jókòó. “Háà. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo ti ń ṣe fún yín rèé.”

“Kí ló burú níbẹ̀?”

“Èmi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Mo rò pé fàdákà lásán ni mò ń fún yín. Àlùkò ni mò ń kó bò yín lórí. Ẹ jẹ́ n fọ̀ ọ́. Mo máa fún yín ní èyí tó tọ́, mo ti ń rí i báyìí.” Ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀. Ó ti ń wọ ìbọ̀wọ́.

“Èyí tó tọ́ wo? Ọdún méjì ni mo fi ń rìn lóde táwọn èèyàn ń dá mi dúró. Obìnrin tí mi ò mọ̀ rí ní kí n sọ ẹni tó ṣe é fún òun. Èmi! Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tí ò dáa ló ṣe é.”

“Mo gbọ́. Ojú tí ò dáa.” Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan irun rẹ̀ létí.

Ìkejì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Àǹtí Dídán dúró pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ kan, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú dígí, ẹ̀gbọ́n náà sì ń wo ara rẹ̀.

“Ṣé ohun tó o wá ń sọ fún mi ni pé irun tó tíì bá mi mu jù látìgbà tí wọ́n ti bí mi, àṣìṣe ni?”